Ṣúgà Méjì ní Ìṣẹ́tí Aṣọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìjòkú nílẹ̀ Ṣàgámù. Ọmọ olóbì gbànja tí í pupa bí ẹyin iná. Ọmọ a-tẹ́-ewé-fún-obì kó tó tẹ́ ẹní fún ara rẹ̀. Ọmọ a-jí-fọwọ́-kan-agbọ̀n kó tó fọwọ́ kan omi ìbọ́jú. Àbẹ̀kẹ́ tí í bínú bí òjò àárọ̀, tí í sì í dá bí òjò àárọ̀. Obìnrin tí í dúró lókèèrè mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí títí ẹsẹ̀ mi fi ń wọ́lẹ̀.

Oríkì kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní kọ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo rántí orúkọ dókítà náà àti orúkọ bàbá rẹ̀. Mo rántí orúkọ nọ́ọ̀sì, mo rántí ti obìnrin tó ń ta mínírà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, mo rántí ti bàbá arúgbó tó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, tó ti kú báyìí. Ẹ̀bi tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, tèmi ni. Kò yẹ kí n fi orúkọ ẹlòmíì sí i nídìí.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣe iṣẹ́ onítọ́jú ilẹ̀ ní ọsibítù, mo nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù títí tí irun mi fi funfun, kí n tó fẹ̀yìn tì, kí n tó kó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ẹni tó bá ń nu ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ dókítà lójoojúmọ́, etí rẹ̀ a máa gbọ́. Mo mọ òyìnbó ọsibítù díẹ̀. Nínú ìdílé wa, èmi ni wọ́n ń pè bí ara ẹnì kan kò bá yá. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lọ iléèwé rí. Obì ló mọ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń jókòó sáàárín agbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjòkú, ó ń ṣa gbànja. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ìró rẹ̀ ń yọ̀ nídìí. Ọrùn rẹ̀ ti gùn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rù."

Ó ní, "Ìwọ lo sanra. Ẹni tó bá ń jẹ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lófẹ̀ẹ́, báwo ni kò ṣe ní sanra?"

Mo jókòó tì í. Kò tíì pé wákàtí kan, ó ti mu ife omi mẹ́rin, ó sì ti dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní egbò kan tó ní nígbà tí ọparun agbọ̀n gún un, ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò jinná. Láìwọ bàtà ni ó sì ń rìn nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun mọ obì tó bá bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí èmi náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí èèrà. Wọ́n tò lọ tò bọ̀ sí ibi tí ó ń tọ̀ sí, bí ẹni pé ẹnì kan da oyin síbẹ̀.

Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kó má jẹun wá. Ní ìgbà méjèèjì, ṣúgà inú rẹ̀ ju igba lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ọgọ́rùn-ún. Dókítà pè wá wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wá láti ìlú òkèèrè, Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀, mà." Nọ́ọ̀sì ló máa ń bá a gbé ọ̀rọ̀ wọlé gbé e jáde, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà nọ́ọ̀sì wà nídìí ẹni tí wọ́n ń wẹ egbò fún. Dókítà ní kí a dúró dè é.

Èmi ni mo ní kò pọn dandan. Mo ní mo ti ṣiṣẹ́ ọsibítù rí, kó máa wí, mo máa túmọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ fún un pé ilẹ̀ ni mo nù.

Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ọmọ náà. Kò kánjú. Mo sì túmọ̀ apá àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n gba ìyìn yẹn. Ó ní oúnjẹ tí a bá jẹ máa ń di ṣúgà nínú wa, òun ni ara fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ṣúgà náà káàkiri bí ọlọ́kọ̀ tó ń gbé ẹrù dé ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan. Omi kan wà tí ara ń pọn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ikùn, omi yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ẹrù lè wọlé. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò tó mọ́, èyí tó sì wà kò ṣí ilẹ̀kùn dáadáa. Nítorí náà ẹrù dúró sí títì. Ebi ń pa ilé, títì kún. Ara wá ń fi ìtọ̀ da ṣúgà nù, ó sì ń da omi nù mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́, tí ó fi ń rù, tí èèrà fi ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ títí. Ó ní, "Sọ fún un pé kì í ṣe èmi. Mi ò kì í jẹ ṣúgà. Gaàrí ni mò ń jẹ."

Mo sọ fún dókítà. Ó ní gaàrí náà ń di ṣúgà.

"Gaàrí wa?" Ó yí ojú sí mi. "Èyí tó kan tó ń mú ni lẹ́yín yìí? Báwo ni ohun tó kan ṣe máa di ohun tó dùn? Ṣé o gbọ́ òyìnbó náà dáadáa ṣá?"

"Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bi í léèrè bóyá ó ti jẹ gaàrí ilẹ̀ yìí rí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó mú iṣu sísè kékeré sẹ́nu tó bá délé, kó má tètè gbé e mì, kó kàn máa jẹ ẹ́ lẹ́nu títí. Ó ní yóò rí i pé ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó ní bí ẹnu bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kó rò pé ikùn ń ṣe? Ó ní òun ò sọ pé kó má jẹ gaàrí, kó má jẹ ìkọ́kọrẹ́, kó kàn dín in kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹ̀wà àti ẹja wà níbẹ̀, kó sì máa jẹun lákòókò.

Ó wá wo egbò ẹsẹ̀. Ó ní kó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó má rìn láìwọ bàtà mọ́, torí egbò irú èyí lè jẹrà kí ó má mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè jẹ́jẹ́. Mi ò tíì gbọ́ kó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. "Ṣé wọ́n máa gé e?"

Dókítà ní bó bá tọ́jú ara rẹ̀, kò yẹ kó débẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé "gé" nìkan ló gbọ́.

Ó ku apá ìkẹyìn. Dókítà gbé oògùn méjì kalẹ̀, ńlá kan, kékeré kan. Ó ní ńlá, lẹ́yìn oúnjẹ, àárọ̀ àti alẹ́. Kékeré, àárọ̀ nìkan, kó sì jẹun tì í lójú ẹsẹ̀. Ó ní kékeré yìí máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ tipátipá, kò mọ̀ bóyá ẹni tó lò ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun. Ọjọ́ tí kò bá ní jẹun, kó má lò ó. Bí ọjọ́ kan bá wà tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí òógùn bò ó, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ó túmọ̀ sí pé ṣúgà ti wálẹ̀ jù. Kí ẹni tó bá wà nítòsí fún un ní ṣúgà tàbí mínírà kíá.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ ọ.

Ojú mi sì wà lára báàgì ẹ̀gbọ́n mi. Ìgò mínírà kan yọ orí níbẹ̀, ó ti mu ún dé ìdajì. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Láti kékeré, bí ìyá wa bá fi ṣúgà onígun pamọ́, òun ló ń rí i. Mo rò ó lọ́kàn mi pé tí mo bá sọ fún un pé ṣúgà lè di oògùn lọ́jọ́ kan, ojoojúmọ́ ni ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Mo ní kí n kúkú ti ilẹ̀kùn náà pa.

Mo ní, "Ó ní ẹ máa lo ńlá àárọ̀ àti alẹ́, kí ẹ máa lo kékeré láràárọ̀, ẹ má pa á jẹ lọ́jọ́ kankan. Ó ní ṣúgà ni ọ̀tá yín. Ó ní bí ẹ bá tún fi ẹnu kàn án, ẹsẹ̀ yín ń lọ nìyẹn."

Dókítà bi mí bóyá ó yé e. Mo ní ó yé e. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo kó gbogbo ṣúgà ilé náà dànù. Mo kó páálí ṣúgà onígun, mo kó mínírà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kó oyin tí ẹnì kan fún un ní ọjọ́ ọdún. Ó jókòó, ó ń wò mí.

"Ó ń dùn mọ́ ọ," ló wí. "Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé lo ti ń wá ọjọ́ tí wàá gba nǹkan lẹ́nu mi."

Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Obìnrin tí kò gba ọ̀rọ̀ ọkọ, tí kò gba ọ̀rọ̀ àlùfáà, ó gba tèmi. Ó wọ bàtà. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀ nínú dígí kékeré. Ó dín gaàrí kù dé ìwọ̀n ìkúnwọ́ kan, lẹ́yìn náà ó pa á tì pátápátá. Ó ń fún ewúro mu, ó ń jẹ obì lórí òfìfo ikùn, torí ó ní bí adùn bá ń pa òun, ìkorò ló máa lé e. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í panu dé. Mo ń rìn bí ẹni tó gba oyè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi pé ara òun ń gbọ̀n láàárọ̀. Ó ní, "Oògùn kékeré yẹn ń bá mi jà."

Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa láti padà wá pé. Wọ́n ti kọ ọ́ sórí káàdì pé kó má jẹun wá. Mo wọ ọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ lówùúrọ̀, mo bá a nílé, ó ti múra. Ó di ìró rẹ̀ le, ó ń jẹ obì.

Mo ní, "Ẹ ò jẹun, àbí?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná. Omi ewúro àti obì nìkan." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo sì lo kékeré méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn rí mi kó ya ẹnu. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dárúkọ ẹsẹ̀ mi."

Mo dúró. Ọ̀rọ̀ dókítà wọ orí mi, gbogbo rẹ̀, bí ó ṣe sọ ọ́: ọjọ́ tí kò bá ní jẹun, kó má lò ó. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ronú pé kí n tó lè sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ pé mo fi í pamọ́. Mo ní a ó tètè dé, wọn yóò tètè gba ẹ̀jẹ̀, yóò jẹun. Mo ní kò sí nǹkan kan. A lọ.

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. A gba nọ́ńbà, a jókòó. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun náà wá fún àtọ̀gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá a ṣàwàdà, ó ní bóyá kí àwọn méjèèjì fẹ́ra kí wọ́n lè jọ máa jẹ ewúro. Bàbá ní òun ti ní ìyàwó méjì, ẹ̀wà kan náà ni gbogbo wọn ń sè.

Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Mo rò pé oorun ni.

Nígbà tí mo wò ó, òógùn ti yọ lórí ètè rẹ̀, fáànù sì ń fẹ́ lórí wa. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí orúnkún. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí omi àmù.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ka obì náà dáadáa," ló wí.

"Obì wo?"

"O máa ń kánjú. Ka obì náà, olè ni obìnrin yẹn." Ó nawọ́ sí ògiri. Kò sí obìnrin níbẹ̀.

Bàbá arúgbó fara balẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ṣúgà rẹ̀ ló wálẹ̀. Ó ti ṣe mí rí. Ẹ wá nǹkan dídùn fún un." Kí n tó fèsì, ó ti pe obìnrin tó ń ta mínírà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà sì ti ṣí ìgò kan, ó ń sáré bọ̀. Ó gbé e sún mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ìgò náà. Pẹ̀lú gbogbo bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣú, ó mọ̀ ọ́n. Ó pa ẹnu dé, ó fi ọwọ́ gbá a, ó dà sí wa lára. "Ẹ fẹ́ gé ẹsẹ̀ mi," ló ń wí láàárín eyín. "Ẹ fẹ́ gé ẹsẹ̀ mi."

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ariwo, ó jáde. Ó gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré náà. Gbogbo wa ń wò ó. Ó ní, "Méjìdínlógójì." Ó bojú wò mí. "Kí ni mọ̀mọ́ jẹ?"

Mo ní, "Wọn ò jẹ nǹkan. Wọ́n lo kékeré méjì."

Kò bá mi wí. Kò ráyè. Ó po ṣúgà mọ́ omi nínú ife, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu eléyìí. Ẹ ṣì lè gbé e mì. Ẹ bá mi mu ún." Ẹ̀gbọ́n mi yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Nọ́ọ̀sì sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kó lọ gbé omi abẹ́rẹ́ wá, kó wá iṣan, torí bí ó bá sùn lọ báyìí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu mọ́. Ó ní kó yára. Mo wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ti rù, mi ò rí iṣan kankan lára rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ń pa dé, ó ń ṣí. Ó wá mi kiri láàárín àwọn ènìyàn náà, ó rí mi. Ó ní, "Sọ fún wọn." Ó fi èdè ilé wa sọ ọ́, èdè Rẹ́mọ tí ìyá wa fi tọ́ wa. "Ìwọ lo gbọ́ òyìnbó. Sọ fún wọn pé ọ̀tá mi ni."

Mo gba ife lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mo kúnlẹ̀ sínú mínírà tó dà sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo parọ́ fún yín."

Ó ń wò mí.

"Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ara yín bá ń gbọ̀n, ṣúgà ni kí ẹ mu. Ó ní kí ẹ má lo kékeré lórí òfìfo ikùn. Ó sọ ọ́, mo gbọ́ ọ, mo fi í pamọ́ fún yín torí mi ò fọkàn tán yín. Èmi ni. Ẹ mu ún, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá wa délé kí ẹ tó nà mí."

Mi ò mọ iye tó yé e nínú rẹ̀. Bóyá ohùn mi ló gbọ́. Ó la ẹnu. Ó mu díẹ̀, ó gbé e mì, ó tún mu. Eyín rẹ̀ ń lu ife. Nọ́ọ̀sì di orí rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún tán. Nọ́ọ̀sì wo aago rẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnì kejì rẹ̀ ti dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò gún un. Mo ń ka òógùn lójú ẹ̀gbọ́n mi.

Nọ́ọ̀sì tún gún un níka. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó ní kí n lọ ra mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ díẹ̀ wá, kó má tún já wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sínú ojú rẹ̀. Ó wo aṣọ rẹ̀ tó rin, ó wò mí lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Iṣẹ́ ilẹ̀ nínù yẹn ò kúrò lára rẹ."

Wọn ò jẹ́ kó lọ sílé títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní oògùn kékeré lè tún fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n tún gún un níka. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, nọ́ọ̀sì jókòó tì wá, dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo túmọ̀. Wọ́n yí oògùn kékeré náà kúrò, wọ́n ní ó le jù fún ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ̀yin náà ẹ wá kọ́ mi. Ká ní èmi ni aláìsàn. Kí ni ẹ máa sọ fún mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i.

"O mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbànja?" ló wí.

Nọ́ọ̀sì ní òun ò mọ̀.

"Bí o bá kó o sínú agbọ̀n, wàá fi ewé wé e. Bí omi bá pọ̀ jù lára rẹ̀, ó ń jẹrà, kòkòrò ń wọ̀ ọ́, láti inú ló ti ń bàjẹ́, ìta ṣì ń dán. Ìyẹn ni ti ṣúgà tó pọ̀. Egbò ẹsẹ̀ mi nìyẹn. Òmùgọ̀ olóbì a wá sọ pé omi ni ọ̀tá obì, a sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn. Ṣé o rí i? Obì a gbẹ, a hunjọ, a di igi. Òun náà ti kú." Ó tọ́ka sí mi láìwò mí. "Òmùgọ̀ olóbì rèé níbí. Olóbì gidi, ọwọ́ ló fi ń wò ó. Láràárọ̀ ni yóò ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n. Bó tutù jù, á pààrọ̀ ewé. Bó gbẹ jù, á wọ́n omi sí i, díẹ̀. Kò tutù jù, kò gbẹ jù. Ẹ̀jẹ̀ mi ni agbọ̀n. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gún mi yẹn ni ọwọ́ olóbì."

Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń so ṣúgà onígun méjì sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, nínú ọ̀rá kékeré. Bó bá pààrọ̀ ìró, á tú u, á tún un so. Ìbẹ̀rù mi kò ṣẹ. Obìnrin tí mi ò fọkàn tán kò jẹ ṣúgà náà lọ́jọ́ kan láìnídìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lò ó, nígbà tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kọlù ú, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí òun kúkú lò ó ju kí òun máa ronú lọ. Gaàrí padà sílé rẹ̀, ìkúnwọ́ kan pẹ̀lú ẹja. Egbò jinná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé.

Bí wọ́n bá mú ẹni tuntun wá sí kílíníìkì, tí ojú rẹ̀ ti funfun fún ìbẹ̀rù, nọ́ọ̀sì a ní kó lọ jókòó ti ìyá olóbì. Ẹ̀gbọ́n mi a tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, a fi ṣúgà hàn án, a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ agbọ̀n. Lẹ́yìn náà a nawọ́ sí mi. "Àbúrò mi rèé. Ó fẹ́ fi ìmọ̀ pa mí." Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é fún ọdún mélòó kan, kò sú u.

Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. Mo fẹ́ bi í léèrè, mo ń sún un síwájú. Nígbà òjò tó kọjá, òtútù wọ̀ ọ́ láyà, kò sì lọ. Lórí ibùsùn rẹ̀, ó ní kí n fún òun lómi. Mo gbé e fún un. Ó wo inú ife náà, ó wò mí, ó ní, "Kí ni o pò mọ́ ọn?" Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró kí n fèsì.

Mo ní, "Omi lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́," ó sì mu ún.

Ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà ló kú. Òtútù àyà ni, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá mi lójú. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ kó ìró rẹ̀ fún mi. Mo fọwọ́ wá ìṣẹ́tí rẹ̀, mo bá kókó náà níbẹ̀, ó le. Mo tú u. Méjèèjì pé, igun wọn ti rún díẹ̀. Mo tún un so bí ó ṣe wà.

Ọjọ́ Ẹtì ni a sin ín, ní agogo méjìlá ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní Ìjòkú.